Mo kó pàǹtí nínú rípò Git, ó wá tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ

Fọláṣadé_K

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́. Rípò kan wà lórí sáfà wa tó ní ẹ̀ka kan tí ń jẹ́ `data`. Fáìlì CSV kan ṣoṣo ló wà lórí ẹ̀ka yẹn, a sì ń fi ẹ̀dà tuntun rẹ̀ síbẹ̀ lójoojúmọ́ fún bí ọdún kan. A ò nílò àwọn ẹ̀dà àtijọ́ mọ́. Mo dá ẹ̀ka tuntun tí kò ní ìtàn kankan, mo fi ẹ̀dà tó kẹ́yìn sí i, mo fi ipá tì í lé ti àtijọ́ lórí. Mo wọ orí sáfà, mo ní `git gc`. 214 MB ni rípò náà tẹ́lẹ̀. Ó ti di 3.2 GB. Kí ló fà á, báwo ni mo ṣe lè dá a padà? Git 2.34.1 ló wà níbẹ̀.

Kúnlé_ayára

Ohun tó ń ṣe ọ̀pọ̀ èèyàn nìyẹn. Ẹ tẹ èyí:

```
git gc --aggressive --prune=now
```

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín kọ́míìtì kan sí èkejì ni Git máa ń tọ́jú. Tí ìtàn bá ti gùn, ètò àwọn ìyàtọ̀ yẹn á dàrú. `--aggressive` ló ń tún wọn tò. Ó máa ń ṣiṣẹ́ fún mi nígbà gbogbo.

Ajíbádé_inú_sáfà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì tẹ nǹkan kan. Orí sáfà lẹ wà, àwọn ẹlòmíràn sì lè máa ti iṣẹ́ wọn wọlé lọ́wọ́ bí ẹ ṣe ń ka èyí. Ohun méjì ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ fi hàn wá. Àkọ́kọ́ ni èsì `git count-objects -vH`. Èkejì: ṣé ẹ ti ṣe `git gc` lórí rípò yẹn láìpẹ́, kí ẹ tó fi ipá ti ẹ̀ka tuntun lé e lórí?

Fọláṣadé_K

Bẹ́ẹ̀ ni, mo ṣe é ní ìrọ̀lẹ́ àná, kí n lè mọ bó ṣe tóbi tó gan-an kí n tó bẹ̀rẹ̀. Èsì rẹ̀ nìyí:

```
count: 1039
size: 3.04 GiB
in-pack: 18214
packs: 1
size-pack: 181.30 MiB
prune-packable: 0
garbage: 0
size-garbage: 0 bytes
```

Títí_oníṣẹ́fídíò

Èmi náà wà nínú wàhálà yìí. Fídíò kan tó tó 40 MB wà nínú rípò mi, mo sì ti tún un ṣe lẹ́ẹ̀méjìlá. Mo ti fi `git rm` yọ ọ́ kúrò, mo ti ṣe `git gc`, síbẹ̀ `.git` ò kúrò ní nǹkan bí 480 MB. Tèmi ò pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n kò dín kù rárá. Ṣé ohun kan náà ni?

Ajíbádé_inú_sáfà

Títí, mò ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ yín. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dá Fọláṣadé lóhùn, torí èsì tó fi hàn yẹn ti sọ gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ẹ wo ìlà kejì àti ìlà karùn-ún. Páàkì yín kò tóbi sí i rárá. Ó ti dín kù, láti nǹkan bí 213 MB sí 181 MB. Ìlà `size` ni gbogbo wàhálà náà wà. Àwọn ọ́bíjẹ́ẹ̀tì tó dá wà ni ìlà yẹn ń kà, ìyẹn àwọn tí kò sí nínú páàkì kankan, tí kálukú wọn jẹ́ fáìlì tirẹ̀ lábẹ́ `objects`. 1039 ni wọ́n.

Níbo ni 1039 ti wá? Ẹ̀yin nìkan lẹ lè sọ fún wa, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n méfò: ṣé kọ́míìtì 347 ló wà lórí ẹ̀ka `data` àtijọ́? Kọ́míìtì kọ̀ọ̀kan mú ọ́bíjẹ́ẹ̀tì mẹ́ta wá: kọ́míìtì fúnra rẹ̀, àkọsílẹ̀ fódà, àti ohun inú CSV. Ìlọ́po mẹ́ta 347 jẹ́ 1041. Ẹ yọ méjì kúrò, torí CSV tó kẹ́yìn àti àkọsílẹ̀ fódà rẹ̀ ṣì wà lórí ẹ̀ka tuntun yín. Ohun tó wà nínú wọn kò yí padà, orúkọ wọn nínú Git ò sì lè yí padà, nítorí náà Git rí i pé ẹnì kan ṣì di wọ́n mú.

Ní báyìí, ẹ pín 3.04 GiB sí CSV 346. Ó jẹ́ nǹkan bí 9 MB fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wà nínú páàkì, gbogbo wọn pọ̀ kò ju 32 MB tí páàkì fi dín kù yẹn lọ, ìyẹn bíi 90 KB fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀nà ìtọ́jú ló yàtọ̀. Ọ́bíjẹ́ẹ̀tì tó dá wà máa ń wà lódindi. A lè fún un pọ̀, ṣùgbọ́n kò lè gbára lé ẹlòmíràn. Nínú páàkì ni Git ti ń fi ọ̀kan wé èkejì, tí yóò tọ́jú ẹ̀dà kan lódindi (èyí tó tóbi jù ni ó sábà máa ń jẹ́), tí yóò sì kọ ìyókù sílẹ̀ bí ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn. Dẹ́lítà là ń pè é.

Kúnlé, ibi tí ọ̀rọ̀ yín ti yẹsẹ̀ díẹ̀ nìyẹn. Kọ́míìtì kì í tọ́jú ìyàtọ̀. Odindi ni kọ́míìtì kọ̀ọ̀kan ń tọ́ka sí. Inú páàkì nìkan ni ìyàtọ̀ wà, àwọn fáìlì tí Git sì fi wé ara wọn níbẹ̀ kì í ṣe dandan kí wọ́n tẹ̀ lé ara wọn nínú ìtàn.

Ohun tó wá ṣẹlẹ̀ lórí sáfà yín rèé. Lẹ́yìn tí ẹ fi ipá ti ẹ̀ka tuntun wọlé, ọ̀nà ò dé ọ̀dọ̀ àwọn 1039 yẹn mọ́ láti orí ẹ̀ka tàbí táàgì kankan. `git gc` di páàkì tuntun, kò sì kó wọn sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ pa wọ́n rẹ́ lójú ẹsẹ̀, torí ọ̀sẹ̀ méjì ló máa ń fún ohun tí ẹnikẹ́ni ò di mú. Níwọ̀n bó ti fẹ́ ju páàkì àtijọ́ nù, ó ní láti gbé wọn síbì kan, ibi kan ṣoṣo tí 2.34 sì ní ni ìta. Ó tú wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, lódindi. Gbogbo dẹ́lítà wọn sì bọ́ síbẹ̀.

Fọláṣadé_K

347 ni gan-an! Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kà á lórí kílóònù àtijọ́ tó wà lọ́wọ́ mi ni. Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Nǹkan bí 42 MB ni CSV náà kí a tó fún un pọ̀, ìlà díẹ̀ ló sì ń yí padà lójoojúmọ́. Nísinsìnyí ó ti yé mi ìdí tí ó fi kéré bẹ́ẹ̀ nínú páàkì.

Bọ́sẹ̀_R

Ẹ dúró ná, nǹkan kan ò yé mi. Ohun tí Fọláṣadé ṣe yìí gan-an ni mo ṣe lóṣù tó kọjá lórí rípò kan, Git 2.34 náà ni. Tèmi dín kù lójú ẹsẹ̀. Kò sí ohun tó tú jáde. Tó bá jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ méjì ni Git máa ń dúró, kí ló dé tí kò dúró fún tèmi?

Ajíbádé_inú_sáfà

Ìbéèrè yìí dára púpọ̀, òun ló sì fà á tí mo fi bi Fọláṣadé bóyá ó ti ṣe `gc` láìpẹ́. Bọ́sẹ̀, nígbà wo ni wọ́n ti di páàkì inú rípò tiyín gbẹ̀yìn?

Bọ́sẹ̀_R

Ó tó oṣù mẹ́rin. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án láti ìgbà yẹn.

Ajíbádé_inú_sáfà

Ìdáhùn yín nìyẹn. Ọ́bíjẹ́ẹ̀tì tó wà nínú páàkì kò ní ọjọ́ orí tirẹ̀. Ọjọ́ tó wà lára fáìlì páàkì ni ọjọ́ orí gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀. Páàkì tiyín ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì, nítorí náà nígbà tí `gc` bá ohun tí ọ̀nà ò dé mọ́ nínú rẹ̀, kò tú u jáde rárá, ṣe ló fi í sílẹ̀ kó bá páàkì àtijọ́ lọ. Ti Fọláṣadé jẹ́ ti ìrọ̀lẹ́ àná. `gc` àkọ́kọ́ tó ṣe láti fi mọ bó ṣe tóbi tó ló sọ gbogbo ọ́bíjẹ́ẹ̀tì náà di ọmọ ọjọ́ kan.

Ẹ lè fojú ara yín rí i. Fọláṣadé, ẹ fi `ls -l` wo ọ̀kan nínú àwọn tó dá wà. Ẹ ò ní rí àsìkò tí ẹ ṣe `gc` lónìí. Ọjọ́ páàkì àtijọ́ ni Git kọ sí wọn lára nígbà tó tú wọn jáde, kí ọ̀sẹ̀ méjì náà má baà bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Fọláṣadé_K

Òótọ́ ni. Ìrọ̀lẹ́ àná, aago méje kọjá díẹ̀ ló wà lára wọn.

Kúnlé_ayára

Mo gba ti dẹ́lítà yẹn, ẹ̀gbọ́n, mo ti kọ́ nǹkan. Ṣùgbọ́n `gc --aggressive --prune=now` ṣì máa yanjú ẹ̀, àbí? Mo ti rí i tó ń dín rípò kù lọ́pọ̀ ìgbà.

Ajíbádé_inú_sáfà

Ó máa dín in kù, ṣùgbọ́n apá kejì àṣẹ yẹn ló máa ṣe é, kì í ṣe `--aggressive`. Ohun tí `--aggressive` ń ṣe ni pé ó ju gbogbo dẹ́lítà tó wà nílẹ̀ nù, ó sì tún wọn wá láti ìbẹ̀rẹ̀, tí yóò fi ọ́bíjẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan wé 250 dípò 10. Ó lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí lórí rípò ńlá. Kò sì ní fọwọ́ kan àwọn 1039 tó wà níta, torí wọn kò sí lára ohun tí à ń dì. Àwọn tó rí i tó ń ṣiṣẹ́, `--prune=now` ló ṣiṣẹ́ fún wọn.

`--prune=now` gan-an ni mo sì ń sá fún lórí sáfà tó ń ṣiṣẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì yẹn kì í ṣe ìfàsẹ́yìn lásán. Tí ẹnì kan bá ń ti kọ́míìtì wọlé, tí ọ́bíjẹ́ẹ̀tì kan tó nílò ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, Git kò ní tún un kọ, á kàn lo èyí tó wà. Tó bá jẹ́ pé àárín ìṣẹ́jú yẹn ni ẹ̀yin ń pa á rẹ́ gẹ́gẹ́ bí ohun tí ẹnikẹ́ni ò di mú, kọ́míìtì onítọ̀hún á wọlé, á sì máa tọ́ka sí ohun tí kò sí. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ kà á ni wọn yóò tó mọ̀. Fún ẹ̀ka `data` yìí, ó tó kí ẹnì kan dá CSV ìjẹta padà kí irú rẹ̀ lè ṣẹlẹ̀.

Ṣọlá_alábòójútó

Mo bọ̀wọ̀ fún Ajíbádé, ṣùgbọ́n mi ò ní dúró ọ̀sẹ̀ méjì pẹ̀lú 3 GB pàǹtí tí díìsìkì bá ti fẹ́ kún. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo ti ìlẹ̀kùn: mo pa ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ti nǹkan wọlé fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Màá wo `objects/info/alternates` inú àwọn rípò yòókù lórí sáfà náà, bóyá ọ̀kan nínú wọn ń yá ọ́bíjẹ́ẹ̀tì lò látọ̀dọ̀ rípò yìí. Èyí ló ń pa èèyàn lára jù, torí Git tó ń kó pàǹtí níhìn-ín kò mọ̀ pé rípò kejì gbára lé òun. Tó bá ti mọ́:

```
git prune -n --expire=now | wc -l
git prune --expire=now
```

Ìlà àkọ́kọ́ kì í pa nǹkan kan rẹ́, ó kàn ń ka iye tó máa lọ. Tí iye yẹn bá ju 1039 lọ, ẹ dúró kí ẹ bi ara yín léèrè.

Ajíbádé_inú_sáfà

Tí ìlẹ̀kùn bá tì ní tòótọ́, mi ò bá yín jà. Ohun tí mo ti rí ni pé ìlẹ̀kùn kì í tì tán. Iṣẹ́ aládàáṣe kan á wà tó ń wọlé lóru lọ́nà mìíràn tí ẹnikẹ́ni ò rántí. Níbi iṣẹ́ kan tí mo ti wà, irú ẹ̀ ló ba ẹ̀ka kan jẹ́ fún wa, inú kílóònù ẹnì kan la ti rí ohun tó sọnù kó. Láti ìgbà yẹn, èmi máa ń dúró.

Ṣùgbọ́n ẹ má retí pé `git gc --auto` á bá yín rí i lẹ́yìn tí ọ̀sẹ̀ méjì bá pé. Iye fáìlì ló ń wò, kò wo bí wọ́n ṣe wúwo tó. 6700 ni ó máa ń dúró kí wọ́n tó, àti pé kò tiẹ̀ kà wọ́n tán: fódà `objects/17` nìkan ló ń kà, tó fi ń méfò iye tó wà nínú àwọn 255 yòókù pẹ̀lú rẹ̀. Ọ́bíjẹ́ẹ̀tì 1039 tó wúwo tó 3 GiB kò jẹ́ nǹkan kan lójú rẹ̀.

Kúnlé_ayára

Mo gbìyànjú nǹkan kan lórí ẹ̀rọ mi láti fi tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ yìí. Mo ṣe irú rípò bẹ́ẹ̀, mo jẹ́ kó tú jáde, mo wá fi `git clone ./idanwo.git tuntun` ṣe kílóònù rẹ̀. Kílóònù náà tóbi bákan náà! Ṣé gbogbo ẹni tó bá ṣe kílóònù láti sáfà Fọláṣadé ló máa gba 3 GB yẹn?

Ajíbádé_inú_sáfà

Rárá. Tí ẹ bá fún `clone` ní ojú ọ̀nà fódà lásán lórí ẹ̀rọ kan náà, kì í bá Git sọ̀rọ̀ rárá, ṣe ló ń so àwọn fáìlì inú `objects` mọ́ fódà tuntun bí wọ́n ṣe wà, pàǹtí pẹ̀lú wọn. Ẹ fi `--no-local` sí i, kí ẹ tún wò ó. Ẹni tó bá gba ọ̀nà nẹ́tíwọ́ọ̀kì wá, ohun tí ọ̀nà dé láti orí ẹ̀ka àti táàgì nìkan ni sáfà máa dì fún un.

Kúnlé_ayára

Mo ṣe é. Ó kéré gan-an báyìí. Ẹ ṣeun.

Títí, ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú tiyín, kí ẹ̀gbọ́n tún mi ṣe tí mo bá ṣìnà. Tiyín kì í ṣe pàǹtí. `git rm` yọ fídíò náà kúrò lọ́jọ́ òní, ṣùgbọ́n kọ́míìtì àná ṣì di í mú, Git ò sì lè fọwọ́ kàn án. Ìdí tí ẹ̀dà méjìlá fi gba 480 MB ni pé fídíò ti wà ní fífún pọ̀ látilẹ̀wá. Tí ẹ bá yí nǹkan kékeré padà, tí ẹ sì tún un gbé jáde, gbogbo báìtì rẹ̀ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ yí padà tán, Git ò wá rí ohun tí wọ́n fi jọra. Àfi kí ẹ fi `git filter-repo` tún ìtàn kọ.

Ajíbádé_inú_sáfà

Ó pé. Títí, ẹ sọ fún gbogbo ẹni tó ní kílóònù kí ẹ tó tún ìtàn kọ, torí orúkọ gbogbo kọ́míìtì láti ibẹ̀ wá ló máa yí padà.

Bọ́sẹ̀_R

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ̀dà Git tuntun ṣì ń tú wọn jáde bẹ́ẹ̀?

Ṣọlá_alábòójútó

Kò ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ láti 2.41. Ó ń kó àwọn tí ọ̀nà ò dé mọ́ sínú páàkì tiwọn lọ́tọ̀, pẹ̀lú fáìlì kékeré `.mtimes` tó ń rántí ọjọ́ orí ọ́bíjẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, nítorí náà dẹ́lítà wọn kò ní láti bọ́. Ó ti wà láti 2.37, ṣùgbọ́n ní ìgbà yẹn ẹ ní láti bèèrè fún un pẹ̀lú `git gc --cruft`.

Fọláṣadé_K

Mo padà dé. Díìsìkì wa ti fẹ́ kún, nítorí náà ti Ṣọlá ni mo tẹ̀ lé. A pa gbogbo ọ̀nà ìwọlé, mo sì wá iṣẹ́ aládàáṣe tí ẹ̀gbọ́n Ajíbádé sọ. Ọ̀kan wà lóòótọ́, mo dá a dúró. Kò sí rípò tó ń yá nǹkan lò. Ìlà àkọ́kọ́ fún mi ní 1039. Lẹ́yìn `prune`, gbogbo rẹ̀ di 183 MB.

Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ yìí, mo wò ó, ó tún ti di 215 MB! `in-pack` fi 1039 lé sí i, `packs` ti di 2.

Ajíbádé_inú_sáfà

1039 kan náà. Ẹnì kan tó ní kílóònù àtijọ́ ti ti ìtàn yẹn padà wọlé, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ lábẹ́ orúkọ mìíràn. Ẹ tẹ `git for-each-ref --sort=-committerdate` kí ẹ wo orúkọ tí ẹ kò mọ̀. Ẹ sì wò ó: ọ́bíjẹ́ẹ̀tì kan náà tó gba 3 GiB lánàá, nǹkan bí 32 MB ló gbà lónìí, torí inú páàkì ni wọ́n gbà wọlé.

Fọláṣadé_K

Ẹ̀ka kan ni, `data-atijo`. Ọ̀kan nínú àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló fẹ́ fi pa á mọ́. Ó ti gbà kí n yọ ọ́. Ṣé kí n ṣe `gc` lẹ́yìn náà?

Ajíbádé_inú_sáfà

Ẹ yọ ẹ̀ka náà, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe `gc` lónìí lórí 2.34. Páàkì kejì yẹn ṣì jẹ́ ọmọ òwúrọ̀ yìí, ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan á tún ṣẹlẹ̀. Ẹ jẹ́ kó lo ọ̀sẹ̀ méjì àti ọjọ́ kan níbi tó wà, 32 MB kò ní kún díìsìkì yín. Tí ẹ bá wá ṣe `gc` nígbà náà, bí ti Bọ́sẹ̀ ló máa rí. Tàbí kí ẹ gbé sáfà náà lọ sí 2.41 tàbí èyí tó jù ú lọ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Ṣọlá_alábòójútó

Tàbí kí ẹ tún ti ìlẹ̀kùn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ohun tí èmi máa ṣe nìyẹn.

Fọláṣadé_K

Mo ti béèrè fún Git tuntun lọ́dọ̀ àwọn tó ń bójú tó sáfà. Mo máa dúró títí wọn á fi dáhùn, mi ò sì ní fọwọ́ kan `gc` títí di ìgbà yẹn.